Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Ìwúwo Kan Náà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Owó Iṣẹ́ Obìnrin àti Ọkùnrin

Kí ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ tí iye wọn dọ́gba? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni?

Rárá o. Iṣẹ́ kan náà kò ṣòro láti mọ̀. Bí obìnrin kan àti ọkùnrin kan bá jọ ń wa irú ọkọ̀ kan náà fún ilé iṣẹ́ kan náà, tí owó ọ̀kan wá pọ̀ ju ti èkejì lọ, kò sẹ́ni tí kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, obìnrin àti ọkùnrin kì í jọ ṣe iṣẹ́ kan náà. Obìnrin ló kún ilé ìdáná, ibi ìfọṣọ àti ibi ìtọ́jú ọmọdé. Ọkùnrin ló kún ibi ìkẹ́rùsí àti ibi àtúnṣe ẹ̀rọ. Bí òfin bá dúró sórí iṣẹ́ kan náà nìkan, agbanisíṣẹ́ lè kó obìnrin sí yàrá kan, kó kó ọkùnrin sí òmíràn, kó wá ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi wé ara wọn.

Ìdí nìyẹn tí Àdéhùn nọ́ńbà 100 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní 1951 fi sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí iye wọn dọ́gba, tí kò sọ pé iṣẹ́ tó jọra. Ohun tí iṣẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é ni a ó wò: ìmọ̀ tó gbà, agbára ara àti ti ọpọlọ tó ń gbà, ojúṣe tó wà nídìí rẹ̀, àti irú ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Òwú kò jọ irin rárá, síbẹ̀ wọ́n lè wọn kílò kan náà.

Ǹjẹ́ ẹnì kan tiẹ̀ ti fi iṣẹ́ méjì tí kò jọra wé ara wọn rí, kó sì jàre?

Bẹ́ẹ̀ ni. Julie Hayward ni mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ. Alásè ni, ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní ọgbà tí ilé iṣẹ́ Cammell Laird ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Íńgílándì. Ó kọ́ iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yòókù ṣe kọ́ tiwọn, ó ṣe ọmọ iṣẹ́ títí ó fi yege. Nígbà tó parí, owó tí wọ́n ń san fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò kàn án. Ó wá fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti ọkùnrin mẹ́ta: akunlé kan, káfíńtà kan, àti ẹnì kan tó ń fi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru jáde bo páìpù.

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Kí ló kan alásè kan káfíńtà? Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kò jókòó jiyàn lórí rẹ̀. Wọ́n yan onímọ̀ kan tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó lọ wo iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ohun márùn-ún: agbára ara, ìnira ibi iṣẹ́, ètò ṣíṣe àti ìpinnu, ìmọ̀ àti ìmọ̀ọ́ṣe, àti ojúṣe. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ bóyá ó kéré, ó mọ níwọ̀n, tàbí ó pọ̀. Níbi tí iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ti tẹ̀wọ̀n ju tirẹ̀, tirẹ̀ náà tẹ̀wọ̀n jù wọ́n níbòmíràn. Nígbà tí ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ní iye wọn dọ́gba. Ní 1984 ni ìgbìmọ̀ náà gbà á.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí níbẹ̀: onímọ̀ náà kò bi Julie Hayward bóyá ó mọ ọbẹ̀ sè dáadáa. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wọn ẹni tó ń ṣe é. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá yá ju ti ẹnì kejì lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìyẹn, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ta ni mo lè fi ara mi wé?

Ẹni gidi ni, kì í ṣe ẹni tí ẹ fọkàn dá. Ẹ kò lè sọ pé, “Ká ní ọkùnrin ni mí, wọn ì bá san jù báyìí lọ,” kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òfin ń béèrè ẹni tí a lè dárúkọ. Kó jẹ́ ọkùnrin bí ẹ bá jẹ́ obìnrin (tàbí obìnrin bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, nítorí òfin náà kò yan ẹnì kan). Kó sì jẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń pinnu owó ẹ̀yin méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan wà tó lè tún un ṣe.

Kò pọn dandan kó ṣì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nínú ẹjọ́ Macarthys àti Smith, tí ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ní 1980, obìnrin kan gba ipò ọ̀gá ibi ìkẹ́rùsí lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan tí ọkùnrin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ. Pọ́n-ùn 60 ni wọ́n ń san fún ọkùnrin náà lọ́sẹ̀; wọ́n wá ń san 50 fún un. Agbanisíṣẹ́ ní wọn kò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí. Ilé ẹjọ́ ní ìyẹn kò dí ìfiwéra lọ́wọ́.

Ẹ fara balẹ̀ yan ẹni náà. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé èèyàn á yan ọkùnrin tí owó rẹ̀ tóbi jù lọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wúwo ju tirẹ̀ lọ ní tòótọ́, ẹjọ́ á sì wó níbẹ̀. Ó sàn kí ẹ yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn sún mọ́ tiyín ní ìwúwo, bí Hayward ṣe ṣe.

Bí iṣẹ́ mi bá wúwo ju tirẹ̀ lọ ńkọ́, tí owó mi sì tún kéré?

Ó dà bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀ ní Íríláǹdì. Àwọn obìnrin kan ń tú tẹlifóònù, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń fi òróró sí i, wọ́n sì ń tò ó padà. Wọ́n fi ara wọn wé ọkùnrin kan tó ń nu ohun èlò tó sì ń gbé wọn kiri. Ẹni tó wọn iṣẹ́ náà rí i pé ti àwọn obìnrin náà ló wúwo jù. Ló bá di pé wọ́n pàdánù, nítorí òfin sọ pé “dọ́gba”, tiwọn kò sì dọ́gba! Nígbà tó dé ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní 1988, wọ́n dá a padà: bí òfin bá kọ̀ kí a san owó tó kéré fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dọ́gba, báwo ni yóò ṣe gbà á fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ fi nọ́ńbà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọn iṣẹ́ fún wa.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn ya ilé ìwòsàn kan. Obìnrin kan ni ọ̀gá ibi ìfọṣọ, ọkùnrin kan ni ọ̀gá ibi ìkẹ́rùsí. Wọ́n ń san 80 fún obìnrin náà níbi tí wọ́n ti ń san 100 fún ọkùnrin náà.

Ìgbìmọ̀ tó fẹ́ wọn iṣẹ́ wọn kọ́kọ́ pín 100 máàkì: 40 fún ìmọ̀ àti ìmọ̀ọ́ṣe, 30 fún ojúṣe, 20 fún agbára ara àti ti ọpọlọ, 10 fún ìnira ibi iṣẹ́. Wọ́n pín in kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ wọ̀n, ìyẹn sì ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ti mọ èsì tó fẹ́ á rí ọ̀nà pín máàkì débẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n wo iṣẹ́. Ọ̀gá ibi ìfọṣọ gbọ́dọ̀ mọ oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn lára aṣọ àti ìwọ̀n ooru tí aṣọ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Wọ́n fún un ní 22. Bí aṣọ ẹni tó ní àrùn bá dàpọ̀ mọ́ ti yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀mí lè bọ́, òun náà ló sì ń darí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀: ojúṣe, 20. Gbígbé aṣọ tútù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́: agbára, 15. Ooru, ọ̀rinrin, aṣọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀: ìnira, 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65.

Ọ̀gá ibi ìkẹ́rùsí gba 24 fún ìmọ̀ ìwé ìṣirò ẹrù àti kọ̀ǹpútà, 22 fún ojúṣe lórí ẹrù olówó iyebíye, 14 fún agbára, 4 fún ìnira. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 64.

Kò sẹ́ni tó ń fi máàkì kan ṣoṣo jiyàn. Iṣẹ́ méjèèjì wà ní ìpele kan náà. Owó wọn ni kò sí ní ìpele kan náà.

Ṣé òṣùwọ̀n náà kò lè wọ́?

Ó ń wọ́ dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Òṣùwọ̀n tó wọ́ kì í kọ “obìnrin” tàbí “ọkùnrin” sára. Ohun tí wọ́n bá kà àti ohun tí wọ́n bá gbójú fò ló ń wọ́ ọ.

Ẹ mú àpẹẹrẹ wa padà. Ká ní ìgbìmọ̀ ní ẹrù tó wúwo jù lọ tí ẹnì kan gbé lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn fi ń wọn agbára. Páálí ńlá tí ọkùnrin náà gbé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ á gbé e dé 17, àìmọye ìgbà tí obìnrin náà ń gbé kílò díẹ̀díẹ̀ lóòjọ́ á sì mú un wálẹ̀ sí 7. Ká tún ní òjò àti oòrùn ìta nìkan ni wọ́n kà sí ìnira. Ọkùnrin náà á gba 6, obìnrin náà 2, bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ àti ooru kò sí. Àpapọ̀ á wá di 51 sí 69. Iṣẹ́ kò yí padà, èèyàn kò yí padà. Òṣùwọ̀n ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má kọ́kọ́ wo àpapọ̀. Ẹ béèrè ìwé tó ṣàlàyé ohun tí orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Ẹ wá àwọn ohun tó sábà máa ń sọnù nínú iṣẹ́ obìnrin: ọwọ́ tó yára tó sì péye, ṣíṣe ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, fífi sùúrù bá ẹni tínú ń bí tàbí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀, àṣírí pípamọ́. Wọ́n máa ń ní “àbímọ́ wọn ni”. Ohun tí wọ́n bá ti pè ní àbímọ́, wọn kì í fún un ní máàkì.

Àwọn obìnrin tó ń rán ìbòrí àga ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ Ford ní Dagenham, ní Íńgílándì, mọ èyí kí ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ ọ́. Kí wọ́n tó gbà wọ́n síṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìránṣọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wọn iṣẹ́ gbogbo ọgbà, ìpele B tí wọ́n kà sí ti ẹni tí kò nílò ìmọ̀ọ́ṣe púpọ̀ ni wọ́n tò wọ́n sí, kì í ṣe C tó wà lókè rẹ̀. Lórí ìyẹn, ìdá 85 nínú 100 owó ọkùnrin ìpele B ni wọ́n ń gbà. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1968, ọkọ̀ kò lè jáde láìsí àga, owó wọn sì gòkè dé ìdá 92. Òfin owó iṣẹ́ ọgbọọgba tẹ̀ lé e ní 1970. Ṣùgbọ́n ìpele C, èyí tó jẹ́ ìdí tí wọ́n fi bínú gan-an, kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ àfi ní 1984, lẹ́yìn tí wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀.

Bí a bá ti fi hàn pé iṣẹ́ dọ́gba, tí owó kò sì dọ́gba, ṣé a ti jàre nìyẹn?

Ẹ kò tíì jàre, ṣùgbọ́n ẹrù ti kúrò lórí yín. Ó ti di ti agbanisíṣẹ́ láti ṣàlàyé ohun tó fa ìyàtọ̀, kó sì fi ẹ̀rí gbè é pé ohun náà kò ní í ṣe pẹ̀lú jíjẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin.

Ẹjọ́ tó fìdí èyí múlẹ̀ jù ni ti Pamela Enderby, tó ń tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ ń ni lára ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Íńgílándì. Obìnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún iṣẹ́ náà tán. Ó fi owó wọn wé ti àwọn apòògùn àti àwọn onímọ̀ ìṣesí ọpọlọ, níbi tí ọkùnrin pọ̀ sí ní ipò òkè. Ní 1993, ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní bí ìṣirò tó ní láárí bá fi hàn pé ìyàtọ̀ owó tó hàn gbangba wà láàárín iṣẹ́ méjì tí iye wọn dọ́gba, tí obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọ̀kan tán tí ọkùnrin sì pọ̀ jù nínú èkejì, agbanisíṣẹ́ ló ní àlàyé láti ṣe. Àwọn agbanisíṣẹ́ ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bá àwọn dúnàádúrà owó, kò sì sí ojúsàájú nínú ìjíròrò kankan. Ilé ẹjọ́ ní ìyẹn nìkan kò tó, nítorí ẹni tó bá fẹ́ sá fún òfin kàn lè pín ìjíròrò sí méjì.

Wọ́n tún ní àwọn apòògùn ṣọ̀wọ́n, àwọn sì ní láti fi owó fà wọ́n. Ilé ẹjọ́ kò kọ èyí, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n wò ó bóyá ọ̀wọ́n náà ló fa gbogbo ìyàtọ̀ tàbí apá kan rẹ̀. Apá tó bá fà nìkan ló lè gbà wọ́n là.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún ilé ìwòsàn wa. Ìyàtọ̀ 20 ló wà nílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ní ọkùnrin náà ti lo ọdún 10, obìnrin náà 6, ọdún kọ̀ọ̀kan sì ń fi 1 kún owó gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ wo ìwé owó àwọn yòókù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, 4 ti ní àlàyé. Ó tún ní òun polówó iṣẹ́ ibi ìkẹ́rùsí lẹ́ẹ̀mejì tí ẹnikẹ́ni kò wá, àfìgbà tí òun fi 6 lé e. Ẹ ní kó mú ìwé ìpolówó náà wá, kó sì fi hàn pé ọ̀wọ́n náà ṣì wà lónìí. Bó bá mú un wá, 6 ti ní àlàyé. Ó ku 10, kò sì rí nǹkan sọ lórí rẹ̀ ju pé “bó ṣe wà látẹ̀yìnwá nìyẹn”. 10 yẹn ni ojúsàájú tí ẹ fi hàn. Ẹ kò nílò lẹ́tà tí ọ̀gá ti kọ ọ́ pé òun kò fẹ́ràn obìnrin.

A kò mọ ohun tí ẹlòmíràn ń gbà. Wọ́n tiẹ̀ kà á léèwọ̀ láti sọ ọ́.

Òkùnkùn yẹn náà lè di ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ Danfoss ní Dẹ́nímáàkì, owó ìpìlẹ̀ gbogbo ẹni tó wà ní ìpele kan dọ́gba, ṣùgbọ́n ọ̀gá ń fi àfikún lé ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ohun bíi ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ọdún tó ti lò, àti bó ṣe ń mú ara bá iṣẹ́ mu. Kò sẹ́ni tó lè sọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kó ìwé owó èèyàn 157 jọ, wọ́n sì rí i pé owó obìnrin kéré sí ti ọkùnrin ní ìpín 6.85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1989, ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní níbi tí ọ̀nà ìsanwó bá ṣókùnkùn báyìí, tí ìṣirò èèyàn tó pọ̀ díẹ̀ sì fi hàn pé owó obìnrin kéré, agbanisíṣẹ́ ló máa tan iná sí i.

Nípa àfikún fún ìmúra-báṣẹ́-mu, wọ́n sọ ohun kan tó dùn mọ́ mi: bí ó bá jẹ́ dídára iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san án, tí obìnrin wá ń gba díẹ̀ nígbà gbogbo, a jẹ́ pé ọ̀gá lo òṣùwọ̀n náà ní ìlòkulò, nítorí kò ṣeé gbà pé iṣẹ́ gbogbo obìnrin ló burú.

Ṣé owó oṣù nìkan ni wọ́n ń kà?

Rárá. Àjẹmọ́nú, owó iṣẹ́ àṣekún, owó ìfẹ̀yìntì, ọkọ̀ tàbí ilé tí ilé iṣẹ́ fún èèyàn, gbogbo rẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Wọ́n sì lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Cammell Laird ní òótọ́ ni pé owó Hayward kéré, ṣùgbọ́n ó ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, ìsinmi rẹ̀ sì dára ju ti àwọn ọkùnrin náà lọ, nítorí náà kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ kọ̀ ọ́ ní 1988: owó pẹ̀lú owó, ìsinmi pẹ̀lú ìsinmi.

Nínú ilé iṣẹ́ wa, owó obìnrin lápapọ̀ kéré gan-an sí ti ọkùnrin. Ṣé ẹ̀rí ojúsàájú nìyẹn?

Nípa ara rẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá àgbà mẹ́wàá bá jẹ́ ọkùnrin tí akọ̀wé ogún sì jẹ́ obìnrin, ìyàtọ̀ á tóbi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé iṣẹ́ wọn dọ́gba. Ìbéèrè mìíràn nìyẹn ń gbé dìde, ti ẹni tí wọ́n ń gbé ga. Ẹ wá ìyàtọ̀ tó wà nínú ìpele kan náà, tàbí láàárín iṣẹ́ méjì tí ẹ ti wọ̀n.

Ṣé agbanisíṣẹ́ lè gé owó ọkùnrin kó lè dọ́gba?

Òfin owó ọgbọọgba ti Amẹ́ríkà, ti 1963, kà á léèwọ̀ ní tààrà. Níbi tí obìnrin bá ti jàre lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, owó tirẹ̀ ni wọ́n ń gbé sókè.

Ìgbà wo ló yẹ kí n sọ̀rọ̀?

Kó tó pẹ́. Lilly Ledbetter ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé iṣẹ́ Goodyear ní Amẹ́ríkà kí ẹnì kan tí kò kọ orúkọ tó fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí i, tó fi mọ̀ pé owó òun kéré sí ti àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ òun. Ní 2007, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ó ti pẹ́ jù: láti ọjọ́ tí wọ́n ti pinnu owó náà ni 180 ọjọ́ rẹ̀ ti ń kà, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ní 2009 ni òfin tuntun tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yí èyí padà, tó fi jẹ́ pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá san owó tó ní ojúsàájú nínú ni ọjọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àmọ́ kò rí owó kankan gbà nínú rẹ̀. Gbèdéke yìí yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí agbẹjọ́rò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàkì.